Ta Ló Ti Owó, Ta Ló Fà Á? Bí A Ṣe Ń Ka Ìwé Báńkì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àkáǹtì iṣẹ́ ajé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbáà jẹ́ ilé ìtajà ẹ̀lúbọ́ àti gààrí ní Peckham, ìbáà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Manchester, kò ní pẹ́ bá àwọn lẹ́tà kan pàdé lórí ìwé àkọsílẹ̀ tí báńkì ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù: BGC, SO, DD, FPI, DEB, CHG. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni pé a ó wo iye owó, a ó wo orúkọ ẹni tó san án tàbí tó gbà á, a ó sì fo àwọn lẹ́tà náà kọjá. Bí owó tó kù bá ṣáà ti sún mọ́ iye tó wà lọ́kàn wa, ó parí.

Inú lẹ́tà tí a fò yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Lẹ́tà náà kì í sọ ohun tí a fi owó rà, kì í sì í sọ bóyá owó oṣù ni tàbí owó ọjà. Ọ̀nà tí owó náà gbà ló ń sọ. Bí ẹ bá sì ti mọ ọ̀nà tí owó gbà, ẹ ti mọ ẹni tó pàṣẹ kó rìn, ẹ ti mọ ìgbà tó di tiyín pátápátá, ẹ sì ti mọ ẹni tó lè pè é padà. Owó kan wà tí ẹ̀yin fúnra yín tì jáde; òmíràn wà tí ẹlòmíràn fà jáde nínú àpò yín nítorí pé ẹ ti fún un láṣẹ. Iye kan náà ni wọ́n lè jẹ́, ọjọ́ kan náà ni wọ́n lè jáde, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣe àṣìṣe, ọ̀nà tí ẹ ó fi gbà á padà kò jọra rárá.

Kí a tó wọ inú ìwé náà, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé báńkì kọ̀ọ̀kan ló ní lẹ́tà tirẹ̀. Òfin kankan kò sọ pé kí gbogbo wọn máa kọ ohun kan náà. Bí ẹ bá gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ, CPT ni Lloyds máa kọ, ATM ni HSBC máa kọ, C/L sì ni ẹ ó rí lórí ìwé NatWest. Bí ẹ bá fi káàdì rajà, DEB ni Lloyds ń kọ. VIS ni HSBC ń kọ, bó bá sì jẹ́ pé ńṣe ni ẹ kàn fi káàdì kan ẹ̀rọ láìtẹ nọ́ńbà àṣírí, àmì ))) ni yóò fi síbẹ̀. Ìdí nìyí tó fi dára kí ẹ béèrè ìwé ìtumọ̀ lẹ́tà lọ́wọ́ báńkì lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ṣí àkáǹtì. Ó sábà máa ń wà lẹ́yìn ìwé àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì wà lórí ìkànnì wọn. Lẹ́tà Lloyds ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nísàlẹ̀ yìí, torí pé wọ́n ya ọ̀nà owó kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ kedere.

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tó ń da àwọn tó ti kọ́ ìṣirò owó lójú rú ju àwọn tí kò kọ́ ọ lọ, ìyẹn CR àti DR. Nínú ìwé ìṣirò ilé ìtajà yín, bí owó bá wọlé, apá ọ̀tún, níbi tí wọ́n ń kọ CR sí, ni àwọn kan rò pé ó yẹ kó wà, àwọn mìíràn sì ní apá òsì ni. Apá òsì ló tọ̀nà, DR náà sì ni orúkọ rẹ̀: owó tó wọlé sọ́wọ́ yín jẹ́ DR nínú ìwé yín. Ṣùgbọ́n lórí ìwé báńkì, owó tó wọlé yẹn kan náà ni wọ́n kọ CR sí. Kì í ṣe àṣìṣe. Ìwé báńkì ni ìwé báńkì. Ojú tiwọn ni wọ́n fi kọ ọ́. Bí owó yín bá wà lọ́wọ́ wọn, gbèsè ni wọ́n jẹ yín, gbèsè tí ilé iṣẹ́ bá sì jẹ, CR ló máa ń jẹ́ nínú ìwé rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí DR, OD, tàbí lẹ́tà D kan ṣoṣo, bí HSBC ṣe máa ń kọ ọ́, lẹ́yìn iye owó tó kù, ẹ má yọ̀ pé owó pọ̀. Ẹ̀yin lẹ jẹ báńkì ní iye yẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a ka ìwé kan. Ká ní obìnrin kan ní ilé ìtajà oúnjẹ ilé wa ní Peckham, ó sì ní £2,150.00 nínú àkáǹtì nígbà tí oṣù kẹta ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà lórí ìwé rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àti ìbẹ̀rẹ̀ ìkejì nìyí. Èmi ni mo ṣètò àpẹẹrẹ náà, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ni ẹ ó máa rí:

```
DATE   TYPE DETAILS           OUT       IN  BALANCE
03 MAR BGC  CARD SALES              827.85 2,977.85
03 MAR SO   SHOP RENT    1,200.00          1,777.85
04 MAR DD   ELECTRIC       186.40          1,591.45
05 MAR FPI  INV 0217                300.00 1,891.45
06 MAR DEB  APP CD 4417     24.00          1,867.45
07 MAR CHG  TO 28 FEB        8.50          1,858.95
10 MAR DEP  CHEQUE                1,640.00 3,498.95
```

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí owó ilé, torí pé òun ló rọrùn jù. SO ni àṣẹ tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ fi lélẹ̀ ní báńkì: iye báyìí, lọ́jọ́ báyìí, fún ẹni báyìí, títí n ó fi sọ pé ó tó. Òun ló ń ti owó náà jáde. Onílé kò lè fi £1 kún un, kódà bó bá fi owó ilé kún lóòótọ́. Obìnrin náà ni yóò lọ yí àṣẹ náà padà. Ọjọ́ kìíní oṣù ni owó ilé máa ń jáde, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta ni ẹ rí níbẹ̀ yẹn, torí pé ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ kìíní bọ́ sí, owó náà sì dúró di Mọ́ńdè. Ìṣòro tó wà nínú SO ni pé kì í gbàgbé. Bí ẹ bá kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ kò sì fagi lé àṣẹ náà, yóò máa lọ lóṣooṣù, báńkì kò sì jẹ yín ní nǹkan kan, torí pé àṣẹ yín ló tẹ̀ lé. Ọwọ́ onílé àtijọ́ ni ẹ ó ti lọ máa bẹ̀bẹ̀.

DD, owó iná mànàmáná ọjọ́ kẹrin, jọ SO lójú, àmọ́ òdìkejì rẹ̀ gan-an ni. Níhìn-ín, ilé iṣẹ́ oníná ló ń fa owó. Ó dà bíi pé ẹ fún alájọ ní kọ́kọ́rọ́ àpótí owó yín pé kó máa mú iye tó bá tọ́ sí i. Oṣù yìí £186.40, oṣù tó ń bọ̀ lè jẹ́ £240. Ohun tí wọ́n jẹ yín ni ìkìlọ̀ ṣáájú bí iye tàbí ọjọ́ bá máa yí padà, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá sì ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, àyàfi bí ẹ bá ti jọ fẹnu kò sí iye ọjọ́ mìíràn.

Nítorí pé ẹlòmíràn ló di kọ́kọ́rọ́ mú, ààbò tó wà lórí DD lágbára ju ti gbogbo ọ̀nà yòókù lọ. Ẹ̀rí kan wà tí wọ́n ń pè ní Direct Debit Guarantee, gbogbo báńkì tó ń gba DD ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fa owó tí kò yẹ, tàbí wọ́n fa á ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, báńkì tiyín ni ẹ ó ké sí, báńkì tiyín ló sì gbọ́dọ̀ dá gbogbo rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Báńkì yóò wá lọ dá ọ̀ràn náà pẹ̀lú ilé iṣẹ́ tó fa owó. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ni kò mọ èyí, tí wọ́n ń fi ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta pe ilé iṣẹ́ oníná, tí wọ́n ń gbọ́ orin lórí fóònù, nígbà tí ìpè kan sí báńkì ì bá ti yanjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀rí yìí gba owó tí ẹ jẹ lóòótọ́ padà o. Gbèsè náà ṣì wà níbẹ̀, wọ́n á sì wá a wá.

Bí owó kò bá tó nínú àkáǹtì lọ́jọ́ tí DD fẹ́ fà, ẹ lè rí i tó jáde, kí ẹ sì tún rí iye kan náà tó wọlé padà. Èyí tó wọlé padà yẹn kì í ṣe owó tuntun. Ó túmọ̀ sí pé báńkì kọ̀ láti san án, ẹ sì ṣì jẹ owó iná.

Ẹ wá wo £24.00 ọjọ́ kẹfà. Áàpù tí obìnrin yìí fi ń ka ọjà rẹ̀ ló ń gba iye yẹn lóṣooṣù. Bí ẹ bá bi í léèrè, yóò ní DD ni. Kì í ṣe DD. DEB ló wà níbẹ̀, CD 4417 tó tẹ̀ lé e sì ni nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára káàdì rẹ̀. Lọ́jọ́ tó forúkọ sílẹ̀ fún áàpù náà, nọ́ńbà káàdì ló tẹ̀ sí i, kì í ṣe nọ́ńbà àkáǹtì. Nítorí náà, orí káàdì ni wọ́n ti ń fà á. Ẹ̀rí tó wà lórí DD kò kàn án. Bó bá sì wọ áàpù báńkì rẹ̀ láti wo gbogbo DD tó ní, kó lè fagi lé èyí tí kò fẹ́ mọ́, kò ní í rí i níbẹ̀. Ibí yìí ni owó kéékèèké ti ń jò lọ fún ọdún méjì, mẹ́ta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Bó bá fẹ́ dá a dúró, ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún báńkì pé òun kò fún wọn láṣẹ mọ́, báńkì kò sì gbọ́dọ̀ ní kó kọ́kọ́ lọ gbàyè lọ́wọ́ oníáàpù. Bó bá sì jẹ́ pé ó san owó fún ọjà tí kò dé, báńkì lè bá a pe owó náà padà lábẹ́ òfin àwọn oníkáàdì, ṣùgbọ́n 120 ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún ni láti fi ẹjọ́ sùn.

Ìlà àkọ́kọ́, BGC, ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí jù, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ìṣirò ti ń bàjẹ́. BGC ni Lloyds máa ń kọ sí owó tó bá gba ọ̀nà Bacs wọlé, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ti ń gbà san owó oṣù àti owó ilé iṣẹ́ láti ọdún 1968. Bacs kì í yára. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ló ń gbà: lọ́jọ́ kìíní wọ́n fi orúkọ àti iye ránṣẹ́, lọ́jọ́ kejì wọ́n ṣètò rẹ̀, lọ́jọ́ kẹta owó wọ àkáǹtì. £827.85 tó wọlé ní Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀ ní Tọ́sìdeè, ọjọ́ 27 oṣù kejì. Ọjà tí obìnrin náà sì tà ní Wẹ́sìdeè, ọjọ́ 26, tí àwọn oníbàárà fi káàdì san lórí ẹ̀rọ POS rẹ̀, ni owó náà. Owó oṣù kejì ló wọlé nínú oṣù kẹta.

Ìyẹn kò tíì burú. Èyí tó burú ni pé £827.85 kọ́ ni iye tó tà. £842.60 ló tà. Ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ POS ti yọ 1.75 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn £14.75, kó tó fi ìyókù ránṣẹ́, báńkì kò sì mọ nǹkan kan nípa £14.75 yẹn. Iye tó dé ọ̀dọ̀ báńkì ló kọ. Bí obìnrin náà bá da ìwé báńkì kọ sínú ìwé ìṣirò rẹ̀ ní tààrà, ó ti kọ ohun tó tà dínkù, ó sì ti gbàgbé ìnáwó kan tó ní ẹ̀tọ́ láti yọ kúrò nínú èrè rẹ̀. Ohun tó yẹ kó kọ ni £842.60 sí ọjà títà, £14.75 sí ìnáwó, kí £827.85 tó kù sì bá ti báńkì mu. Orí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ náà ni yóò ti rí iye tó tà lójoojúmọ́. Kò sí lórí ìwé báńkì.

Ẹnì kan lè sọ pé £14.75 kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ kí a gbé e dé ìparí ọdún. Lábẹ́ òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2024, oníṣòwò tí ọjà títà rẹ̀ bá ti kọjá £90,000 láàárín oṣù méjìlá gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún owó-orí ọjà lọ́dọ̀ HMRC, ilé iṣẹ́ agbowó-orí wọn. Gbogbo ohun tí oníbàárà san ni wọ́n ń kà, kódà kó jẹ́ oúnjẹ tí owó-orí rẹ̀ jẹ́ òdo. Bí obìnrin yìí bá ka ohun tó wọ àkáǹtì, tó rí £88,500, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé orí káàdì ni gbogbo rẹ̀ gbà wọlé, £90,076 ló tà. Ó ti kọjá ààlà láìmọ̀.

Ohun kan tún wà nídìí èyí. Bí ẹ bá ti àkáǹtì ara yín fi owó sínú ti ṣọ́ọ̀bù, TFR ni wọ́n máa ń kọ bó bá jẹ́ pé báńkì kan náà ni àkáǹtì méjèèjì wà. Kì í ṣe ọjà ni ẹ tà. Ẹ má jẹ́ kó wọ ìwé ọjà títà.

CHG ni owó iṣẹ́ báńkì. Àkáǹtì iṣẹ́ ajé kì í sábà jẹ́ ọ̀fẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi ti ara ẹni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ báńkì máa ń fún ilé iṣẹ́ tuntun ní ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìgba kọ́bọ̀. Ẹ kíyè sí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: TO 28 FEB. Owó iṣẹ́ tó ti kọjá ni wọ́n ń gbà, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ tó gbà á. Ẹni tó bá ń kó owó beba lọ sí báńkì púpọ̀ ni ìlà yìí máa ń kàn jù, torí pé iye owó tó kó wá ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí fọ́ọ̀mù ìṣí-àkáǹtì bá bi yín léèrè pé èló ni owó beba tí ẹ máa ń kó wá lóṣù, ẹ sọ òótọ́. Wọ́n á fi yan irú àkáǹtì tó bá yín mu, wọ́n á sì tún máa fi wé ohun tí wọ́n ń rí lórí ìwé yín. Bí ẹ bá kọ £500 sílẹ̀, tí £9,000 sì ń wọlé, wọ́n á kọ̀wé béèrè ibi tó ti wá.

Ó wá ku FPI ti ọjọ́ karùn-ún àti DEP ti ọjọ́ kẹwàá. Mo pa wọ́n pọ̀ nítorí pé àárín àwọn méjèèjì ni gbájúẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́.

FPI ni owó tó gba ọ̀nà Faster Payments wọlé. FPO ni tirẹ̀ tó jáde. Láti ọdún 2008 ni ọ̀nà yìí ti wà, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló sábà máa ń gbà, ọ̀sán, òru àti òpin ọ̀sẹ̀, iye tó sì lè gbé lẹ́ẹ̀kan dé £1,000,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé báńkì kọ̀ọ̀kan máa ń fi ààlà tó kéré sí i. Ẹni tó ń sanwó ló tì í. Bó bá ti balẹ̀, kò ní bọ́tìnì tó lè tẹ̀ láti pè é padà. Nítorí náà, £300.00 tí oníbàárà fi san ìwé owó 0217 ti di ti obìnrin náà. Ohun tó gbọ́dọ̀ rí ni FPI lórí ìwé tàbí áàpù tirẹ̀. Àwòrán tí oníbàárà fi hàn án lórí fóònù pé òun ti sanwó kò tó fún un láti gbé àpò ẹ̀lúbọ́ jáde.

DEP ni ohun tí ẹ fúnra yín kó lọ sí báńkì, owó beba tàbí sọ̀wédowó. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ọjọ́ kẹwàá ṣe lọ. Ẹnì kan ra oúnjẹ òde, £640 ni gbogbo rẹ̀. Sọ̀wédowó tó fi ránṣẹ́ jẹ́ £1,640. Obìnrin náà kó o lọ sí báńkì láàárọ̀ Mọ́ńdè, nígbà tó sì di ọ̀sán, owó tó kù ti fò sókè sí £3,498.95. Ní aago mẹ́rin, fóònù dún.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Akọ̀wé wa ló ṣi iye kọ. Ẹ bá mi fi £1,000 tó lé yẹn ránṣẹ́ padà báyìí, owó gbọ̀ngàn ni mo fẹ́ fi san, wọn ò ní í gbà bó bá di ọ̀la."

Owó ti wọlé, ojú obìnrin náà ló rí i. Àmọ́ ọ̀nà wo ló gbà wọlé? DEP ni. Sọ̀wédowó tó bá wọ báńkì ní Mọ́ńdè kí àkókò ìgbàwọlé tó kọjá, báńkì ẹni tó kọ ọ́ ní títí di aago 23:59 alẹ́ Túsìdeè láti san án tàbí láti dá a padà. Báyìí ló ṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi àwòrán sọ̀wédowó ránṣẹ́ láàárín ara wọn, ètò tó kárí ilẹ̀ náà ní 2019. Ṣáájú ìgbà náà, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ló ń gbà kí ọkàn ó tó balẹ̀. Iye tí ìwé ń fi hàn ní ọ̀sán Mọ́ńdè jẹ́ iye tí báńkì ń retí. Owó tí ọkùnrin náà sì ń bẹ̀ pé kó fi ránṣẹ́ yóò gba FPO lọ, ọ̀nà tí kì í padà. Ó ń béèrè owó tó dájú dípò owó tí kò tíì dájú, kò sì fẹ́ kó dọ̀la.

Èsì tó yẹ ni, "Ó di àárọ̀ Wẹ́sìdeè kí n tó lè ṣe é." Kò sí ìjà níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀sùn. Bí sọ̀wédowó náà bá jẹ́ òtítọ́, oníbàárà yóò dúró. Bó bá jẹ́ ayédèrú, £1,640 yóò jáde padà ní Túsìdeè, owó tó kù yóò sì padà sí £1,858.95. Ká ní ó ti fi £1,000 ránṣẹ́ ni, £858.95 ni ì bá kù, oúnjẹ òde náà ì bá sì ti lọ. Bí àárọ̀ Wẹ́sìdeè bá sì bá owó náà níbẹ̀, tirẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ láìgba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, àyàfi bí òun náà bá lọ́wọ́ nínú jìbìtì.

Ọ̀nà kan tún wà tí ẹni tó bá ń kó ọjà wọlé láti Ìbàdàn tàbí Ọ̀yọ́ yóò máa lò, ìyẹn fífi owó ránṣẹ́ sókè òkun. Báńkì yóò bi yín léèrè ẹni tí yóò san owó iṣẹ́ àwọn báńkì tó wà lójú ọ̀nà, lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì fi ń béèrè. Bí ẹ bá mú OUR, ẹ̀yin ni ẹ ó san gbogbo rẹ̀, kí owó ọlọ́jà lè dé láìdín. Bó bá jẹ́ BEN, ọlọ́jà ni yóò san án. SHA ni pé kí kálukú san ti báńkì tirẹ̀, báńkì àárín sì lè gé díẹ̀ nínú owó náà kó tó dé. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹ fi lè rí owó tó pé lójú ìwé yín, tí ọlọ́jà yín nílé sì ń sọ pé ẹ kò san tán. Kò purọ́. Lórí ìwé tuntun tí àwọn báńkì ń lò báyìí, DEBT, CRED àti SHAR ni ẹ lè rí dípò. DEBT ni OUR àtijọ́: ẹni tó ń sanwó ló ru owó iṣẹ́ náà. CRED ni BEN, SHAR sì ni SHA. Bí owó bá pẹ́ kó tó dé, ẹ béèrè UETR lọ́wọ́ báńkì yín, nọ́ńbà gígùn tó ń bá owó náà rìn láti báńkì dé báńkì. Òun ni báńkì ọlọ́jà yóò fi wá a rí.

Bí ẹ bá rí ìlà tí ẹ kò mọ̀ rí, lẹ́tà tó wà níwájú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà fún òṣìṣẹ́ báńkì kí ẹ tó sọ iye owó, torí pé òun ni yóò fi mọ ẹ̀ka tí yóò gbé yín lọ. Bó bá jẹ́ DD, ẹ dárúkọ Direct Debit Guarantee. Kò ní ọjọ́ tí àǹfààní rẹ̀ ń dópin. Bó bá jẹ́ FPO tí gbájúẹ̀ tàn yín láti san, òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2024 ní kí báńkì dá a padà, tó bá jẹ́ láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni owó náà lọ, títí dé £85,000, bí ẹ kò bá fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ náà kọjá ààlà. Èèyàn kọ̀ọ̀kan àti ilé iṣẹ́ kéékèèké tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó mẹ́wàá ló wà fún. Bó bá sì jẹ́ owó tí ẹ kò pàṣẹ rẹ̀ rárá, oṣù mẹ́tàlá ni ẹ ní láti fi tó báńkì létí. Ilé iṣẹ́ tó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ lè ti fọwọ́ sí àdéhùn tó dín oṣù mẹ́tàlá yẹn kù lọ́jọ́ tó ṣí àkáǹtì, inú ìwé àdéhùn yẹn náà ni iye ọjọ́ tó kù fún un sì wà.